CR-V tọ́bò 1.5, CR-V 2.4, àbí RAV4 2.5: èwo lẹ máa rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó pẹ́?

Àǹtí kan tó ń ṣe tíṣà l'Ómù-Àrán ló pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Àbúrò, mo rí Họ́ńdà CR-V méjì o, 2017 làwọn méjèèjì, ìkan LX, ìkan EX, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èwo ni kí n mú? Mi ò rà á láti tà o, mo fẹ́ máa lò ó títí n ó fi fẹ̀yìn tì ni." Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ méjì, torí ìbéèrè tí wọ́n bèèrè yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò kí ń bèèrè ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, wọ́n á wo kọ́lọ̀, wọ́n á wo síìtì bóyá lẹ́dà ni, wọ́n á ní CR-V ṣáà ni CR-V, ó parí.

Kò parí o. Àwọn CR-V tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, 2017 sí 2019, LX ló ní ẹ́ńjìn 2.4 tí kò ní tọ́bò, EX àtàwọn tó wà lókè ẹ̀ ló ní 1.5 tó ní tọ́bò. Bọ́dì kan náà ni, jíà CVT, ìyẹn ọ̀tọ̀mátíìkì tí kò ní ìpele, làwọn méjèèjì ní, agbára wọn gan-an fẹ́ẹ̀ dọ́gba, 2.4 ní họ́ọ̀sì páwà 184, 1.5 ní 190. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi wọ́n wéra, torí tẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀ lára wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìn ni. Màá fi ìkẹta kún un, ìyẹn Tòyótà RAV4 tó ní 2.5 láìní tọ́bò, ti 2013 sí 2018, torí àǹtí yẹn padà pè pé àwọn tún rí ìkan.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá pẹ́ ṣe sáfíìsì tàbí tẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ni ẹ́ńjìn yẹn máa fojú yín rí? Ìkejì, tó bá bàjẹ́, ṣé ẹ máa rẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe láàárín Ìlọrin sí Ọ̀fà sí Òmù-Àrán, ṣé pátì ẹ̀ sì wà? Ìkẹta ni owó, kì í ṣe owó epo nìkan o, gbogbo owó tẹ́ ẹ máa ná sí i fún ọdún mẹ́wàá. Mi ò ka eré sísá mọ́ ọn, torí eré tá à ń sá lójú ọ̀nà wa, gbogbo wọn ló lè sá a.

CR-V 1.5 tọ́bò

Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe ò ṣòro láti yé èèyàn. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìn ló ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn àti ìkejì ẹ̀ jọ wà lórí irin kan, ìkejì yẹn á wá máa ki afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìn, báyìí ni ẹ́ńjìn kékeré ṣe ń rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó ti ẹ́ńjìn ńlá. Ibi tí wàhálà wà ni irin tó so fáànù méjèèjì pọ̀ yẹn. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ẹ̀ kan sì wà nínú èéfín tó lè gbóná ju 800 dígírì lọ. Ohun tí ò jẹ́ kó máa ha ilé ẹ̀ ni ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, ọ́ìlì yẹn náà lọ́ìlì ẹ́ńjìn, páìpù tín-ín-rín kan ló sì ń gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nípa páìpù yẹn. Alájà kan tó máa ń ná ọjà láàárín Ìlọrin àti Èkó gbé jíìpù ẹ̀ wá, ẹ́ńjìn kékeré, tọ́bò. Wọ́n ní táwọn bá sítáàtì láàárọ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù á kọ́kọ́ jáde, táwọn bá wá kó ẹrù tí wọ́n ń gun òkè, ọkọ̀ á kàn máa wọ́ nílẹ̀. Mo sikáànì ẹ̀, `P0299` ló gbé wá, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń ti wọlé ò tó. Mo tú páìpù afẹ́fẹ́, mo fi ìka mú irin àárín fáànù yẹn, mo fà á síwá sẹ́yìn, ó ń lọ ó ń bọ̀. Tọ́bò tó dáa, irin ẹ̀ lè mì díẹ̀ sápá ọ̀tún sápá òsì, àmọ́ kò gbọdọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn rárá. Mo wá tú páìpù ọ́ìlì, mo fi sọ́ọ̀ gé e láàárín káwọn náà lè fojú ara wọn rí i. Inú ẹ̀ dúdú, ó le gbagidi bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí, ihò tó ṣẹ́kù, agbára káká ni ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan fi lè gba ibẹ̀ kọjá.

Mo bi wọ́n nípa ọ́ìlì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rin bíi 12,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ń rà. Tí wọ́n bá ti Èkó dé, tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu géètì báyìí ni wọ́n á paná ọkọ̀. Irin yẹn ṣì gbóná bí iná nígbà yẹn, ọ́ìlì ò rìn mọ́, ìwọ̀nba tó kù síbẹ̀ á jóná, á gan mọ́ ibẹ̀, bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn títí páìpù fi dí. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù níbẹ̀ ni pé tọ́bò kejì nìyẹn. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ bá wọn fi Bẹ́ljíọ́mù kan sí i, kò pààrọ̀ páìpù, kò fọ̀ ọ́, oṣù méjì péré ni tọ́bò yẹn lò. Owó tí wọ́n san, ṣe ni wọ́n dà á sómi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá yín pààrọ̀ tọ́bò, tí kò bá sọ ti páìpù ọ́ìlì, tí kò sì sọ pé òun máa da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sórí Họ́ńdà 1.5 yìí fúnra ẹ̀, ó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Láàárín 2018, àwọn tó ń lò ó níbi tó tutù gan-an, Ṣáínà, Kánádà, apá òkè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọ́ìlì àwọn ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù. Epo pẹtiróòlù ló ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pístìn bọ́ sínú ọ́ìlì, torí wọ́n ń rin ìrìn kúkúrú, ẹ́ńjìn ò tíì gbóná tí wọ́n ti ń paná, epo ò rí ooru tó máa lé e jáde. Họ́ńdà yí ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà padà, wọ́n sì fi kún wáráńtì fáwọn tó wà níbi tó tutù. Ẹ lè ní ṣé òtútù wà n'Ílọrin ni? Òótọ́ ni, nínú ooru oṣù kẹta wa yìí, wàhálà yẹn ò lè tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tókùnbọ̀ lẹ fẹ́ rà. Ọkọ̀ yẹn ti lo ọdún mẹ́rin márùn-ún níbi tí yìnyín ti ń bọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó lò ó lè má pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ, ọ́ìlì tí epo ti là bí omi yẹn náà ló sì ń gba inú tọ́bò kọjá. Ìwà ẹlòmíì lẹ fẹ́ jogún, ẹ ò sì mọ onítọ̀hún.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó sítáàtì ẹ̀. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ. Tí ọ́ìlì bá ga ju àmì òkè lọ, tẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀ tó ń rùn bí epo pẹtiróòlù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo kúláàntì nínú ike ẹ̀, ẹ sàmì síbi tó dé, ẹ wakọ̀ náà fún bíi wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹ́ńjìn 1.5 yìí, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ ohun táwọn tó ń lò ó ti ń ṣàròyé lé lórí, bó sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kúláàntì á máa lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ibi tó ń jò, á wá máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á dúró. Tẹ́ ẹ bá sikáànì, `P0301` sí `P0304` lẹ máa wá, ìyẹn ni pé sílíńdà kan ò jó epo dáadáa. Tó bá sì jẹ́ pé kò sí ìkankan, ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún kúrò ni, ẹ̀rọ sikáànì tó dáa máa fi hàn yín pé àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ò tíì parí.

Ta ló lè ṣe é? N'Ílọrin, ẹ máa rí wa, a ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ó di kẹ́ ẹ máa wò káàkiri. Tọ́bò ẹ̀ ní Bẹ́ljíọ́mù máa ń wà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fìka mú un bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ́ìlì ẹ̀, 0W-20 sìǹtẹ́tíìkì ni, èyí tí wọ́n kọ SP sí lára gálọ̀nù, torí ọ́ìlì SP ni wọ́n ṣe kí epo má baà máa gbiná ṣáájú àkókò ẹ̀ nígbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí ẹ́ńjìn ò tíì yára yí, ìgbiná òjijì yẹn lè fọ́ orí pístìn. Ní tiwa níbí, kìlómítà 5,000 ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má dúró de kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ fún yín. Lítà tó ń gbà lé díẹ̀ ní mẹ́ta péré, ọ́ìlì kékeré ló ń ṣiṣẹ́ ńlá, ó máa ń tètè bàjẹ́.

CR-V 2.4, ìyẹn LX

Èyí ò ní tọ́bò, kò ní páìpù tín-ín-rín yẹn, kò ní íńtàkúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, kò ní gbogbo rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ alágbára tó lè ya. Ọ́ìlì tó ń gbà lé ní lítà mẹ́rin. Nǹkan tí kò sí lára ọkọ̀, kò lè bàjẹ́, ibẹ̀ ni èrè ẹ̀ wà gan-an.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni bó ṣe ń gba ìyà. Nígbà tí mo ń ṣe jíìpù alájà yẹn, ọkọ̀ mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, 2.4 àtijọ́ láìní tọ́bò, ẹni tó ni ín náà ò ka ọ́ìlì sí. Mo ṣí orí ẹ́ńjìn, ẹrẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, mo fi ṣíbí kó o. Síbẹ̀ ọkọ̀ yẹn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá ni, ariwo lásán ló ń pa. A da ọ́ìlì tuntun sí i, a dà á nù lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, a ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rìn dòní. Ìyà kan náà làwọn méjèèjì jẹ, ìkan dẹnu kọlẹ̀, ìkan ń pariwo. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa fìyà jẹ ẹ́ o, mò ń sọ pé ọdún mẹ́wàá gùn, iṣẹ́ lè dá dúró, owó oṣù lè pẹ́, àìsàn lè dé, ẹ máa pẹ́ ṣe sáfíìsì lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìn tó máa fún yín láyè ni mo fẹ́ fún yín.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ "gíríríirí" fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, kó tó dákẹ́, jíà VTC tó wà lórí ṣéènì, tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ni, ó wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìn 2.4 Họ́ńdà. Kò ní pa ẹ́ńjìn lónìí, àmọ́ ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ìkejì, ẹ́ńjìn yìí àti 1.5 tó ní tọ́bò, inú sílíńdà tààrà làwọn méjèèjì ń fín epo sí, epo ò kí ń gba orí fáàfù kọjá láti fọ̀ ọ́, torí náà èérí dúdú máa ń dì síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a máa ní láti ṣí i ká ha á. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi tọ́bò, ẹ má dà á pọ̀.

RAV4 2.5

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fẹ́ni tó bá ń gbé jìnnà sí Ìlọrin, àwọn ará Ọ̀rọ̀, Ìlọ́fà, Ọ̀sì àti Èrúkù. Ẹ̀yìn fáàfù ni epo ti ń wọlé, ó ń fọ fáàfù bó ṣe ń lọ, jíà ẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì ẹlẹ́sẹẹsẹ mẹ́fà, kì í ṣe CVT. Kámúrì tó wà níta lọ́tùn-ún lósì, láti bíi 2010 sí 2017, irú ẹ́ńjìn yẹn ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé mẹ́káníìkì abẹ́ igi gan-an mọ̀ ọ́n, pátì ẹ̀ ò sì wọ́n. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni wọ́tà pọ́ńpù. Ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí bẹ́líìtì wà, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan pińkì tó ti gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀, ó ti ń jò nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹ́ńjìn gbóná jù. Àléébù ẹ̀ ni pé ó ń jẹ epo ju àwọn méjì yẹn lọ, ó sì máa ń rò kùù tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Àwọn tó ń ta tọ́bò fún yín, epo ni wọ́n máa ń fi dọdẹ yín, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde fáwọn tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan wà, tá a bá yí i sí lítà, tọ́bò 1.5 ń jẹ bíi lítà 7.8 nínú 100 kìlómítà, LX 2.4 ń jẹ bíi 8.4, RAV4 bíi 9. Ká ní ẹ ń rin 15,000 kìlómítà lọ́dún, Òmù-Àrán sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti ìrìn ilé ìwé. Èrè tọ́bò lórí LX ò ju bíi lítà 90 lọ lọ́dún, kò ju bíi 900 lọ lọ́dún mẹ́wàá. Lórí RAV4, bíi 1,800 lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ ra lítà kan lánàá sọ ọ́ di owó, kẹ́ ẹ wá bèèrè iye tọ́bò kan, páìpù ẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ àti owó iṣẹ́. Lórí LX, tọ́bò kan ṣoṣo tó bá lọ láàárín ọdún mẹ́wàá lè gbé èrè epo yẹn lọ tán. Tẹ́ ẹ bá sì kó èèyàn márùn-ún àti ẹrù tẹ́ ẹ tan ẹ́sì tẹ́ ẹ ń gun òkè, èrè yẹn á tún kéré sí i, torí nígbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ gan-an, epo púpọ̀ ló ń fín pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó ń ka owó epo tí ò ka owó ọ́ìlì, ó fi ètè sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá.

Àmọ́ kẹ́nì kankan má wá sọ pé ẹ́ńjìn ńlá ló máa ń dáa ṣáá. Họ̀ńdáì Sònátà 2.4 ti 2011 àti 2012 ò ní tọ́bò, síbẹ̀ ọdún 2015 ni wọ́n pè é padà l'Amẹ́ríkà torí ìdọ̀tí irin tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, béárìn ẹ̀ ń jẹ, ẹ́ńjìn ń gan. Tòyótà 2.4 ti 2007 sí 2009 náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mu ọ́ìlì. Ẹ wá orúkọ ẹ́ńjìn àti ọdún ẹ̀ gan-an kẹ́ ẹ tó gba nǹkan kan gbọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ra CR-V tọ́bò ní tuntun tàbí lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń lò ó, ẹ ń gbé n'Ílọrin, ẹ kì í fi 5,000 kìlómítà ṣeré, ẹ sì lè jókòó bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó paná tẹ́ ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ rà á, ó dùn wà, ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ara CR-V yẹn àmọ́ tókùnbọ̀ ni, tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó lò ó, LX ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà oko àti abúlé ló pọ̀ nínú ìrìn ẹ̀, tí mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ jìnnà sí, RAV4.

Fún àǹtí yẹn, RAV4 ni mo kọ́kọ́ fọkàn sí. A gbé e sókè, irin iwájú ẹ̀ ti ká rí, wọ́n ti jó o, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. EX tẹ̀ lé e, mo fa gééjì, ọ́ìlì ti kọjá àmì, mo gbé e fún àǹtí pé kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní, "Haa, epo nìyí!" LX pa "gíríríirí" láàárọ̀, ó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. A fi ìyẹn dúnàá-dúrà, wọ́n yọ owó jíà VTC, mo pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo kọ kìlómítà tí wọ́n tún máa padà wá sórí téèpù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárìn níbi tójú wọn á ti máa rí i.